Kí Wọ́n Tó Pa Á Rẹ́

Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá kọ sínú gúrúpù Wásáàpù, orí fóònù àwọn tó wà nínú gúrúpù náà nìkan ló máa ń wà. Ilé-iṣẹ́ tó ni Wásáàpù fúnra rẹ̀ kò lè kà á, nítorí wọ́n ti dì í pa kó tó kúrò lórí fóònù ẹni tó kọ ọ́, fóònù ẹni tó gbà á nìkan ló sì lè tú u. Bí ọlọ́pàá bá kọ̀wé sí wọn lónìí, wọn kò ní rí ọ̀rọ̀ náà kó jáde. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń fòòró ọmọ kan nínú gúrúpù kíláàsì, ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ náà, lọ́wọ́ àwọn tó ń fòòró rẹ̀, àti lọ́wọ́ àwọn tó ń wòran. Ohun tó máa ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ọmọ tí wọ́n ń fòòró ló sábà máa ń kọ́kọ́ pa tirẹ̀ rẹ́. Ojú ń tì í, kò fẹ́ rí i mọ́, kò sì fẹ́ kí ará ilé bá a lórí fóònù òun. Nígbà tó bá wá rí ẹni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò ní ohunkóhun tó lè fi hàn án.

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀rọ̀ yìí tún ní ìṣòro mìíràn. Òkè-Ṣọpẹ́n, Òkè-Àgbò, Ojówò, Àtìkòrì àti Jàpárá fara kan ara wọn, àwọn èèyàn mọ ara wọn láti ilé dé ọjà. Ìyá ọmọ tó ṣí gúrúpù lè jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé kan náà. Bàbá rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olóyè ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ẹni tí ẹ fẹ́ lọ bá pé kó gbà yín lè jẹ́ ẹni tó máa gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé kejì kí ilẹ̀ tó ṣú. Torí náà, bí èèyàn ṣe ń ronú nípa bó ṣe máa tọ́jú ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ronú nípa ẹni tó máa sọ fún, torí pé irú ẹ̀rí tí a ní ló máa pinnu ẹni tí a lè gbé e lọ bá.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ọmọ kan pàtó. Irú nǹkan tó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn gúrúpù bẹ́ẹ̀ ni mo kó jọ sórí ọmọ kan ṣoṣo kí àlàyé lè yé wa. Àwọn òbí rẹ̀ ń gbé ní Àbígí, ní agbègbè Ògùn Wátásáìdì. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ojówò lòun ń gbé kó lè rí ilé-ìwé lọ. Ó wà ní kíláàsì SS2, wọ́n sì ní gúrúpù tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ àṣetiléwá. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ní aago mẹ́jọ, ẹnì kan gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, èyí tí wọ́n yà nígbà tó sùn lọ lórí tábìlì nínú kíláàsì. Wọ́n ti sọ àwòrán náà di sítíkà, wọ́n kọ èébú sí i lára. Ẹlòmíràn gbé ìdìbò kalẹ̀: ta ló dọ̀tí jù ní SS2? Orúkọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tirẹ̀ ló kó ìbò jù. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ pé bó bá fi ẹsẹ̀ tẹ ilé-ìwé lọ́jọ́ Ajé, àwọn máa fi bíléèdì gé irun rẹ̀, bó bá sì pariwo, àwọn máa gé e lójú. Nígbà tó di aago mẹ́wàá, ádímínì yọ ọ́ kúrò nínú gúrúpù.

Àkókò ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a fiyè sí. Wásáàpù gba ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ láyè láti pa á rẹ́ lórí fóònù gbogbo èèyàn láàárín ọjọ́ 2 àti wákàtí 12. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ohun tí wọ́n kọ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, títí di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni ẹni tó kọ ọ́ fi lè pa á rẹ́. Òpin ọ̀sẹ̀ gbáko ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dé etí tíṣà, kó sì nu ún kúrò kí agogo ilé-ìwé tó lù. Ádímínì náà lè pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́. Bí wọ́n bá tún ti ṣètò gúrúpù náà kí ọ̀rọ̀ máa pòórá fúnra rẹ̀, ó lè máà lò ju wákàtí 24 lọ. Ẹni tó bá ní òun máa dúró di ọjọ́ Ajé kí òun tó mọ ohun tí òun máa ṣe, ó lè bá gúrúpù náà kó mọ́ fóó.

Nítorí náà, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni iṣẹ́. Wọ́n ti yọ ọmọ wa kúrò, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ti dé orí fóònù rẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́ ṣì wà níbẹ̀, kò kàn ní rí ọ̀rọ̀ tuntun ni. Kò gbọ́dọ̀ tẹ ohun tó máa pa gúrúpù náà rẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọn kò tíì yọ ọ́ ni, mi ò ní ní kó jáde kíákíá, mi ò sì ní ní kó fèsì. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ tí inú ń bí bá fi fèsì ni wọ́n sábà máa ń gé jáde nìkan, wọ́n á fi han tíṣà, wọ́n á ní òun náà bú àwọn. Kó pa ariwo gúrúpù náà, kó gbé fóònù fún ẹni tó fọkàn tán kó máa bá a wò ó. Kò sí ìdí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ jókòó máa ka èébú ara rẹ̀ lórúkọ pé ó ń tọ́jú ẹ̀rí.

Yíya ojú fóònù ni gbogbo wa mọ̀, ó sì dára, àmọ́ ó ní àléébù mẹ́ta tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Èkíní ni ọjọ́. Bí ọmọ náà bá ya ojú fóònù rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ohun tí Wásáàpù máa kọ sókè ọ̀rọ̀ náà ni Today. Bó bá yà á lọ́jọ́ kejì, Yesterday ni yóò kọ. Bí oṣù kan bá kọjá, ta ló máa mọ ọjọ́ tí Today yẹn ń sọ? Èkejì ni orúkọ. Bí ọmọ náà bá ti fi orúkọ ìnagijẹ tọ́jú nọ́ńbà ọmọkùnrin yẹn sórí fóònù rẹ̀, orúkọ ìnagijẹ ni yóò hàn nínú àwòrán, kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹnikẹ́ni ló sì lè tọ́jú nọ́ńbà ẹlòmíràn pẹ̀lú orúkọ tó bá wù ú, kó wá ní ẹni yẹn ló bú òun. Ẹ̀kẹta ni pé irọ́ ti rọrùn láti ṣe. Ètò orí fóònù wà tí èèyàn fi lè ya ayédèrú ọ̀rọ̀ Wásáàpù láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀gá ilé-ìwé tó bá ti rí irú rẹ̀ rí kò ní gba àwòrán gbọ́ lásán, kò sì yẹ kó gbà á.

Ohun tó ń tún àléébù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ni fídíò ojú fóònù. Fóònù Áńdírọ́ọ̀dù tó pọ̀ jù lọ báyìí ní Screen recorder lára. Kí ọmọ náà tàn án, kó kọ́kọ́ fi ọjọ́ àti àkókò tó wà nínú ètò fóònù hàn, kó wá ṣí Wásáàpù, kó tẹ orúkọ gúrúpù náà kí Group info lè jáde. Bí wọn kò bá tíì yọ èèyàn kúrò, ibẹ̀ ni orúkọ àwọn tó wà nínú gúrúpù, àwọn ádímínì, àti ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ wà. Kó tẹ orúkọ ọmọkùnrin tó halẹ̀ mọ́ ọn kí nọ́ńbà rẹ̀ lè hàn. Lẹ́yìn náà ni kó padà sínú ọ̀rọ̀, kó máa fà á lọ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí ìjà kò tíì bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí, láìfo ohunkóhun, títí kan èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ tí kò dára. Ẹ̀rí tí wọ́n gé ní ìdajì máa ń sọ olódodo di òpùrọ́. Bó bá dé ibi ìdìbò, kó tẹ View votes, torí ibẹ̀ ni orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó dìbò wà. Bó bá dé ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀rín sí sítíkà, kó tẹ ẹ̀rín náà kó lè rí àwọn tó fi í sí i. Ibi tí wọ́n bá ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́, tí Wásáàpù kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti pa á rẹ́, kó má fò ó, torí ó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ti ohùn tí ọmọkùnrin yẹn fi ránṣẹ́, kó tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ jáde, kí àbúrò ìyá rẹ̀ fi fóònù mìíràn ya fídíò rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Fóònù mìíràn náà la máa fi ya àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé kí èèyàn wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí Wásáàpù kì í jẹ́ kí fóònù ya irú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà tó ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ kedere. Nínú gúrúpù náà, tẹ àmì kóńkó mẹ́ta tó wà lókè, tẹ More, kí o tẹ Export chat. Wásáàpù yóò béèrè bóyá kí òun kó àwòrán àti ohùn mọ́ ọn, ìyẹn Include media, tàbí ọ̀rọ̀ nìkan, ìyẹn Without media. Fáìlì tó máa jáde ń to ọ̀rọ̀ tẹ̀ léra, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti ẹni tó kọ ọ́ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹni tó fọkàn balẹ̀ nínú ilé, kí ọjọ́ tí o fi ránṣẹ́ lè wà lórí ímeèlì náà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè ṣí fáìlì yìí kó yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà, torí náà kò lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ó ń bá fídíò rìn ni, kí èkíní máa jẹ́rìí èkejì. Láti ọdún 2025 sì ni gúrúpù ti lè tan ìdáàbòbò kan tí kò ní jẹ́ kí Export chat ṣiṣẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, fídíò la máa gbára lé.

Ohun tó lágbára ju gbogbo wọn lọ ni fóònù náà fúnra rẹ̀, òun sì ni àwọn àgbàlagbà sábà máa ń bà jẹ́. Ìyá tí inú bí á gba fóònù, á là á mọ́lẹ̀, tàbí kó gbé e fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe pé kó nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Bàbá á ní òun ti ta á. Òfin Ẹ̀rí tí Nàìjíríà ṣe ní 2011, ní abala 84, ń béèrè pé kí ẹni tó bá mú ohun tó jáde látinú ẹ̀rọ wá síwájú ilé ẹjọ́ ṣàlàyé irú ẹ̀rọ tó ti jáde, kó sì fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ìwé kò ní dé ilé ẹjọ́, kò sì yẹ kó débẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè tí òfin ń béèrè ni olùkọ́ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ náà máa béèrè: orí fóònù ta ni, ta ló yà á, nígbà wo? Kí ọmọ náà kọ ìdáhùn sínú ìwé lọ́wọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì tutù nínú rẹ̀, kó sì kọ orúkọ àwọn tó rí i pẹ̀lú rẹ̀.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ẹjọ́ sun Wásáàpù fúnra rẹ̀, ẹ tọ́jú ohun gbogbo ná kí ẹ tó tẹ Report. Ibi tí èèyàn ti ń tẹ̀ ẹ́ ni Wásáàpù ti máa ń dábàá pé kí èèyàn jáde kúrò nínú gúrúpù, kó sì pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí kò bá kà á dáadáa á ṣèèṣì jó ẹ̀rí ara rẹ̀ níná.

Gbogbo ohun tí mo sọ nípa yíya àti títọ́jú, irú àwòrán kan wà tí kò kàn. Bó bá jẹ́ àwòrán ìhòòhò ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ni wọ́n gbé sí gúrúpù, ẹ má yà á, ẹ má fi ránṣẹ́ sí tíṣà, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá pàápàá lórí Wásáàpù. Abala 23 òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015 ka níní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, àti pípín in pẹ̀lú. Nígbà tí fídíò tó kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé Chrisland jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ìjọba Èkó ti àwọn ilé-ìwé náà, wọ́n sì kìlọ̀ fún gbogbo èèyàn pé ẹni tó bá ń gbà á tàbí tó ń pín in lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pín in pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé àánú ọmọ náà ló ń ṣe àwọn. Ohun tó yẹ ká ṣe ni ká kọ orúkọ gúrúpù, nọ́ńbà ẹni tó gbé e síbẹ̀, ọjọ́ àti aago sínú ìwé, ká wá gbé fóònù náà bó ṣe wà lọ bá ọlọ́pàá. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe Export chat, Without media ni kí ẹ yàn. Bí àwòrán náà bá ti dé Facebook, Instagram tàbí TikTok, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Take It Down, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2023 fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé 18. Àmì ìdánimọ̀ àwòrán náà nìkan ló máa ń kúrò lórí fóònù, àwòrán fúnra rẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ náà á sì fi àmì yẹn wá a rí láti yọ ọ́ kúrò.

Ó wá ku ẹni tí a máa sọ fún. Ọmọ tó wà ní Ojówò yìí kò fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ní ìdí tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ti fòfin de fóònù, torí náà ó rò pé òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ jẹ níyà pé òun ní fóònù. Ó rò pé àwọn òbí òun máa ní kó padà wá sí Àbígí. Bó bá sì sọ ọ́ nígbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu ọmọ ni pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ mi." Àgbàlagbà tó bá dáhùn ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ló tọ́ láti kọ́kọ́ gbọ́ ìyókù. Nínú àpẹẹrẹ wa, àbúrò ìyá rẹ̀ ni. Kó sọ fún un pé fóònù náà máa wà, àwọn méjèèjì ni wọ́n á jọ ṣí i, kò sì ní gbé ọ̀rọ̀ náà síta láìjẹ́ pé ọmọ náà mọ̀ sí i. Kí wọ́n pe àwọn òbí ní Àbígí, kí wọ́n ròyìn fún wọn lẹ́nu, kí wọ́n má fi sítíkà náà ránṣẹ́. Ohun tí a bá fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n kan ní gúrúpù ẹbí, a kò mọ ibi tó máa sùn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, kí àǹtí fara balẹ̀ wo ọmọ náà. Bó bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, tàbí tó ń pín àwọn ohun ìní rẹ̀ fún èèyàn, kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ ẹ̀rí tì. Kí ẹnì kan sùn tì í, kí wọ́n kó oògùn àti májèlé kúrò nítòsí, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ àti ọkàn wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù, wọ́n sì wà ní Arò ní Abẹ́òkúta.

Èrò àkọ́kọ́ tó máa ń wá sọ́kàn àwọn ará ilé ni kí wọ́n wọ ilé ọmọkùnrin yẹn lọ bá ìyá rẹ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá débẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé, gbogbo ọ̀rọ̀ inú gúrúpù ló máa kúrò níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìjà ọmọ á sì di ìjà ilé méjì. Èrò kejì ni kí wọ́n gbé e sí sítátọ́ọ̀sì tàbí Facebook kí gbogbo ayé lè bá wọn dá sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, fídíò ibi tí wọ́n ti ń gbá ọmọbìnrin kan létí nínú ilé-ìwé Lead British ní Abúja gba orí ayélujára kan. Lóòótọ́ ni ariwo náà mú kí ìjọba yára dá sí i, tí wọ́n sì ti ilé-ìwé náà fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ ojú ọmọ tí wọ́n lù àti ojú àwọn tó lù ú ló wà lórí fóònù ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn títí dòní, kò sì sí ẹni tó lè kó o padà. Ọmọ tó ń sunkún nítorí pé ogójì èèyàn rí sítíkà òun, kò yẹ ká fi han ogójì ẹgbẹ̀rún.

Ilé-ìwé ló kàn. Wọ́n lè ní ilé lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, pé kò kan àwọn. Àwòrán tó wà nínú sítíkà yẹn dáhùn: inú kíláàsì ni wọ́n ti yà á, ọjọ́ Ajé nínú ọgbà ilé-ìwé ni wọ́n sì ní àwọn máa gé irun. Ẹni tó dára jù láti kọ́kọ́ lọ bá ni olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bí ilé-ìwé bá ní. Bí kò bá sí, ọ̀gá ilé-ìwé ni. Kí ẹ tó yan tíṣà kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ta ni ìbátan ta ni, torí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n ju àwa lọ. Àbúrò ìyá rẹ̀ á mú lẹ́tà ojú ìwé kan lọ́wọ́, tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ àti aago, ohun tí wọ́n fẹ́ kí ilé-ìwé ṣe ṣáájú ìpàdé òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, àti pé ẹ̀rí wà. Ẹ̀dà méjì ni kó jẹ́, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí èyí tí àǹtí máa mú padà sílé. Kó fi fídíò náà hàn wọ́n lórí fóònù tirẹ̀, kó má fi ránṣẹ́ sí wọn lórí Wásáàpù ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ilé-ìwé bá ń fi falẹ̀, lẹ́tà tí wọ́n ti fọwọ́ sí yẹn ló máa gbé yín dé iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ ní Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta.

Ọ̀rẹ́ kan wà tó yẹ ká dáàbò bò níhìn-ín. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọmọ wa kúrò, ọmọbìnrin kan tó ṣì wà nínú gúrúpù náà ló ń ya ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá gbé àwòrán yẹn síwájú àwọn tó ṣe é, wọ́n á mọ ẹni tó fi wọ́n hàn lójú ẹsẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí onífóònù bá kọ fúnra rẹ̀ máa ń wà lápá ọ̀tún pẹ̀lú àwọ̀ ewé. Òun ni wọ́n máa fi ṣe sítíkà tó kàn. Kí olùdámọ̀ràn rí ti ọ̀rẹ́ yìí ní ìkọ̀kọ̀ láti fi dá ara rẹ̀ lójú, kí ó sì jẹ́ pé èyí tó wà lórí fóònù ọmọ tí wọ́n fòòró ni wọ́n máa fi bi àwọn yòókù ní ìbéèrè.

Nígbà wo lọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá? Sítíkà àti ìdìbò yẹn burú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni. Abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015 ti fìgbà kan gbòòrò débi pé ọ̀rọ̀ tó kàn bí èèyàn nínú tàbí tó bú èèyàn lè di ẹ̀ṣẹ̀. Ní 2022 ni ilé ẹjọ́ ECOWAS ní kí Nàìjíríà tún un ṣe, nígbà tó sì di 2024 ni wọ́n dín in kù. Ohun tó ṣì wà níbẹ̀ digbí ni fífi ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ halẹ̀ mọ́ èèyàn débi tí yóò fi bẹ̀rù ikú, ìwà ipá tàbí ìpalára. Ohùn tó sọ̀rọ̀ bíléèdì yẹn súnmọ́ ibẹ̀ gan-an. Bákan náà ni àwòrán ìhòòhò, ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ kó má bàa gbé àwòrán síta, àti nọ́ńbà àgbàlagbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nínú gúrúpù ọmọdé. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ parí rẹ̀ nílé. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tó ń bá ilé méjì làjà, wọ́n sì wúlò fún ọ̀rọ̀ èébú, àmọ́ wọn kò ní agbára lórí àwòrán tó ti wà lórí fóònù ẹlòmíràn. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé àti ọmọdé lẹ fẹ́ rí. Ọmọ tó halẹ̀ náà kò tíì pé 18, òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí ìpínlẹ̀ Ògùn ti ní láti 2006 sì sọ pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá ẹjọ́ ọmọdé ni kí wọ́n gbà bá a lò, kì í ṣe inú àtìmọ́lé pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà.

Nínú àpẹẹrẹ wa, àbúrò ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé kí aago méje ààbọ̀ tó lù lọ́jọ́ Ajé. Ilé-ìwé wá ọmọkùnrin náà lára, wọ́n pe òbí rẹ̀, wọ́n sì yí ibi ìjókòó padà nínú kíláàsì. Ohun tó yẹ kí àǹtí tún béèrè kó tó kúrò níbẹ̀ ni ohun mẹ́ta: kí àwọn tó gbé sítíkà náà pa á rẹ́ lójú òbí wọn, títí kan orí fóònù tí wọ́n ti fi í sí ibi ààyò wọn, kí ilé-ìwé fún un ní ọjọ́ tó máa padà wá gbọ́ ìròyìn, kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, torí nínú gúrúpù kejì tí ọmọ náà kò sí nínú rẹ̀ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń rú yọ, kí wọ́n sì sọ fún un ẹni tó ní ẹ̀dà ẹ̀rí náà lọ́wọ́. Ẹ̀dà kan tí wọ́n tẹ̀ jáde tó fún fáìlì ilé-ìwé. Bí tíṣà kankan bá ti gba fídíò náà sórí fóònù rẹ̀, kó pa á rẹ́ kó tó padà sí kíláàsì. Ẹ̀dà tó kù á wà nínú ímeèlì àǹtí títí ọmọ náà fi máa ṣe ìdánwò WAEC tán, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì sọ ọjọ́ tó fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́.